Àpúdéètì kò wọ Samsung S8 mi mọ́: ṣé mo ṣì lè máa fi ṣe báǹkì?

Àṣàkẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Samsung S8 ni mò ń lò, tókunbọ̀ ni mo rà á ní Queen Cinema. Kò ní àléébù kankan. Ojú rẹ̀ mọ́, bátìrì rẹ̀ ń bá mi dé alẹ́, òun ni mo sì fi ń ya fọ́tò àdìrẹ tí mò ń tà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá lọ wá àpúdéètì, ohun kan náà ló máa ń sọ fún mi, pé kò sí tuntun. Android 9 ló wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo gbọ́ pé àwọn kan ti wà ní 15 àti 16. Áàpù báǹkì mi náà ti wá ń kìlọ̀ báyìí pé láìpẹ́ òun kò ní ṣiṣẹ́ lórí irú fóònù yìí mọ́.

Ṣé wọ́n kàn fẹ́ ká máa ra fóònù tuntun ni, àbí ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́? Fóònù yìí ni gbogbo owó oníbàárà mi ń bá wọlé.

Baba Fẹ́mi, Queen Cinema

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe. Nígbà mìíràn, ohun tó ń dí fóònù lọ́wọ́ ni pé ìdọ̀tí ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kó fọ́tò yín síbòmíràn, ẹ fọ́máàtì rẹ̀, kí ẹ wá wá àpúdéètì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá tún gbà, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, a máa fláàṣì rẹ̀ sí Android tó ga ju èyí lọ. A ti ṣe irú rẹ̀ fáwọn èèyàn, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Tèmi náà kò wọlé o! Ojoojúmọ́ ló ń yọ sójú fóònù pé kí n gba àpúdéètì, mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ní ààyè kò sí. Fídíò ìsọmọlórúkọ àti ti ìsìn ló kún inú rẹ̀. Àti dátà tó máa jẹ! Mo kàn ń tì í sẹ́yìn ni. Ṣé èmi náà, fóònù mi ti di àtijọ́ nìyẹn? Kò tíì pẹ́ tí ọkọ mi rà á fún mi o.

Akin Agodi

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ìyá Ìbejì, tiyín yàtọ̀ sí ti Àǹtí Àṣàkẹ́. Àtúnṣe wà fún fóònù yín, ẹ̀yin lẹ ò tíì gbà á. Ẹ kó àwọn fídíò yẹn kúrò, ẹ lọ síbi tí Wi-Fi wà, kí ẹ jẹ́ kó wọlé lónìí. Ti Àǹtí Àṣàkẹ́ ni pé kò sí ẹni tó ń ṣe àtúnṣe kankan fún S8 mọ́. Baba Fẹ́mi, ẹ má bínú, fọ́máàtì kò lè mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe wá. Yóò kó gbogbo ohun tó wà nínú fóònù lọ, Android 9 yẹn náà ló máa tún bá yín nílẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Àtúnṣe kì í ti ọwọ́ Google bọ́ sínú fóònù wa tààrà. Nísàlẹ̀ pátápátá, Linux ló wà nínú gbogbo Android. Òun ló ń pín mẹ́mòrì, òun náà ló ń ṣọ́ ààlà kí áàpù kan má baà yọjú wo ohun tó wà nínú èkejì. Linux 4.4 ni S8 ń lò, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀yà yẹn sì ṣíwọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ṣe ṣíìpù wá ń kọ ohun tí ṣíìpù wọn fi ń bá Linux ṣiṣẹ́ pọ̀, ti kámẹ́rà, ti nẹ́tíwọ̀kì, ti Wi-Fi. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn kì í fi han ẹlòmíràn. Bí ihò tí olè lè gbà wọlé bá wà níbẹ̀, àwọn nìkan ló lè dí i. Google wá gbé Android lé gbogbo ìyẹn lórí, Samsung fi tirẹ̀ kún un, ó sì gbọ́dọ̀ dán an wò lórí ẹ̀yà fóònù kọ̀ọ̀kan kó tó fi ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣíwọ́ nínú àwọn wọ̀nyí, iṣẹ́ àwọn tó kù yóò di ìlọ́po, ibẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń pa fóònù náà tì.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní pa irọ́. Ọdún 2017 ni S8 jáde, pẹ̀lú Android 7. Wọ́n gbé e dé 8, wọ́n gbé e dé 9, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbowó fóònù náà, àwọn tó ń dán àtúnṣe wò sì ń gba owó oṣù lóṣooṣù.

Àǹtí, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ About phone, lẹ́yìn náà Software information. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Android security patch level sí. Ọjọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Àṣàkẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá. Mo ti rí i. 1 March 2021 ló wà níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tí kò yé mi ni pé láti ìgbà yẹn títí di òní, fóònù yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó jí owó mi, kò sẹ́ni tó wọ WhatsApp mi. Bí àtúnṣe bá dúró, ṣebí bó ṣe wà lánàá náà ló máa wà lónìí? Kín ló wá yí padà lára rẹ̀?

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má dẹ́rù ba Àǹtí jù. Nǹkan méjì.

Èkíní, Google ti wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn iléeṣẹ́ fóònù. Lórí tèmi, ibì kan wà tí wọ́n pè ní Google Play system update, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì pẹ́ rárá. Android 11 ni fóònù mi, iléeṣẹ́ tó ṣe é kò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Àtúnṣe ṣì ń wọlé láti Play Store.

Èkejì, àwọn fóònù tuntun gan-an ni àwọn olè ń lé kiri. Ní ọdún 2022, ihò kan jáde tí wọ́n pè ní Dirty Pipe. Àwọn fóònù tuntun bíi Pixel 6 àti Galaxy S22 ló mú. Linux 5.8 lọ sókè ló kàn. S8 Àǹtí tó ń lo 4.4 kò fara gbá nínú rẹ̀ rárá. Nítorí náà, àtijọ́ náà ní àǹfààní tirẹ̀.

Akin Agodi

Òótọ́ lo sọ nípa Dirty Pipe, inú mi sì dùn pé o mẹ́nu bà á, torí kì í ṣe gbogbo ihò ló ń kan gbogbo fóònù. Ihò tó bá wọlé pẹ̀lú ohun tuntun, ẹni tí kò ní ohun tuntun náà á bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ihò ló jẹ́ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò kàn rí wọn ni. Àwọn yẹn ló ń bá fóònù àtijọ́ jà.

Ní ti ọjọ́ Play system update, apá kan Android ni ìyẹn ń tún ṣe, láti Android 10 lọ sókè. Kò dé ọ̀dọ̀ Linux, kò dé ọ̀dọ̀ ohun tí oníṣíìpù kọ. Ọjọ́ méjì ló wà lórí fóònù rẹ, àbúrò. Èyí tó ti pẹ́ jù nínú méjèèjì ni kí o gbà gbọ́. Lórí S8 Àǹtí, ti Play system yẹn kò tilẹ̀ sí.

Àǹtí Àṣàkẹ́, ìbéèrè yín ló ṣe pàtàkì jù. Fóònù yín kò yí padà, àmọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ nípa rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ni Google ti ń gbé ìkéde ààbò Android jáde lóṣooṣù. Wọ́n á sọ ihò tí wọ́n dí, kóòdù tí wọ́n fi dí i á sì hàn sí gbangba, torí pé Android fúnra rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó ní fóònù tó ń gba àtúnṣe, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún un. Olè tó mọ kóòdù kà náà á jókòó, á wo ohun tí wọ́n yí padà, á sì mọ ibi tí ihò náà wà gan-an lórí fóònù tí kò rí àtúnṣe gbà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn onílé àdúgbò kan bá kéde pé irú kọ́kọ́rọ́ báyìí kò dára, ìṣó lásán ló ń ṣí i, tí gbogbo ilé sì pààrọ̀ tiwọn àfi ilé kan.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó kan S8 yín gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọkùnrin kan tó ń ṣèwádìí lórí ààbò, Marc Newlin, kéde ihò kan nínú Bluetooth. CVE-2023-45866 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sí. Ẹni tó bá jókòó nítòsí yín pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà pe ara rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Bluetooth. Lójú àṣà, ó yẹ kí fóònù bi yín pé ṣé kí òun gba kíbọ́ọ̀dù yìí. Ihò náà jẹ́ kó gbà á láìbi yín. Láti ìgbà yẹn, ohun tí ẹni yẹn bá tẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ni. Lórí Android, kí Bluetooth sáà ti wà ní títàn ni, kò dìgbà tí ẹ bá ń wá nǹkan so mọ́ ọn.

Fóònù tó ń lo Android 11 sí 14, tí ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ 5 December 2023 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ti bọ́. Láti Android 4.2.2 dé 10 kò rí àtúnṣe kankan, kò sì ní rí i. Tiyín jẹ́ 9, ọjọ́ tiyín sì jẹ́ oṣù Kẹta 2021. Ihò yẹn ṣí lórí fóònù yín báyìí, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí tí fóònù náà á fi kú.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ yín, torí ọwọ́ Bluetooth kò gùn. Kò sì lè ṣe ohun tó bá ń béèrè píìnì tàbí ìka ọwọ́ yín. Fóònù tí ojú rẹ̀ bá ti tì le fún un gan-an. Àmọ́ bí ó bá wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ yín, ó lè ṣí ojú ìwé ayélujára, ó lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórúkọ yín. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ kò mọ̀ lára àwọn ohun tó so mọ́ Bluetooth yín, tàbí tí kíbọ́ọ̀dù ojú fóònù ṣàdédé kọ̀ láti yọ nígbà tí ẹ fẹ́ kọ nǹkan, ẹ pa Bluetooth lójú ẹsẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí Bluetooth wà ní pípa. Mo mú un torí ó rọrùn láti ṣàlàyé. Àwọn mìíràn wà tí kò ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè pa.

Alhaji POS, Ìwó Road

Akin, ọ̀rọ̀ rẹ ta mí létí. Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì níbí. Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń tẹ rìsíìtì jáde, Bluetooth ló fi ń bá fóònù mi sọ̀rọ̀, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Fóònù náà, Android 8.1. Bí mo bá pa Bluetooth, rìsíìtì kò ní jáde, oníbàárà á sì máa pariwo. Èrò sì ń gba iwájú mi kọjá bí omi. Kín ni kí n ṣe?

Akin Agodi

Alhaji, ti yín gan-an ló burú jù nínú èyí tí mo ti gbọ́ lónìí. Android 8.1, Bluetooth ní títàn, ní gáréèjì, fóònù sì wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà. Bí ọjọ́ àtúnṣe yín bá tún ṣáájú oṣù Kejì ọdún 2020, òmíràn wà tí wọ́n pè ní BlueFrag, CVE-2020-0022. Èyí ń jẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí gbé kóòdù tirẹ̀ wọ Android 8 àti 9 láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Lórí Android 10, fífọ́ lásán ni Bluetooth ń fọ́. Ẹ wo ọjọ́ yẹn kí ẹ tó sùn.

Bí ẹ̀rọ rìsíìtì yín bá ní ojú wáyà, ẹ fi wáyà so ó. Bí kò bá ní, mi ò ní tàn yín, fóònù tí wọ́n ṣì ń tọ́jú ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ yẹn.

Alhaji POS, Ìwó Road

Mo ti wò ó. October 2019. Subhanallah. Wáyà kò sí lára rẹ̀ o, mo máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi.

Baba Fẹ́mi, Queen Cinema

Akin, mo gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ, ṣùgbọ́n o kò tíì dá mi lóhùn lórí fláàṣì. LineageOS àti irú wọn wà, ìyẹn Android tí kì í ṣe iléeṣẹ́ fóònù ló ṣe é. Mo ti gbé fóònù tó dúró lórí Android 9 dé 12. Ṣé ihò Bluetooth yẹn ṣì máa wà níbẹ̀?

Akin Agodi

Bí ẹni tó ṣe é bá ti fi àtúnṣe oṣù Kejìlá ọdún 2023 sí i, rárá, ìyẹn á ti dí. Inú Android fúnra rẹ̀ ni ihò yẹn wà, ẹni tó bá pààrọ̀ Android ti pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹ ti gba òótọ́ nìyẹn, Baba Fẹ́mi. Àmọ́ ohun tí oníṣíìpù kọ fún módẹ́ẹ̀mù àti Wi-Fi, ti ọdún tí wọ́n pa fóònù náà tì ló ṣì máa wà níbẹ̀. Ọjọ́ tuntun lè hàn lójú fóònù kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Ohun kejì ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣí títì tí iléeṣẹ́ fi sí ìbẹ̀rẹ̀ fóònù kí ẹ tó lè fláàṣì. Ọ̀pọ̀ áàpù báǹkì ló ń yẹ ìyẹn wò, bí wọ́n bá sì rí i pé ó ti ṣí, wọ́n á kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Àǹtí Àṣàkẹ́ fẹ́ fi ṣe báǹkì. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbọ́ orin tàbí ka ìròyìn, fláàṣì dára fún un.

Baba Fẹ́mi, Queen Cinema

Ti báǹkì yẹn, òótọ́ ni, àwọn kan ti dá tiwọn padà wá bá mi lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a fi ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀, àwọn áàpù kan ṣì ń gbà.

Akin Agodi

Ọ̀nà ìbòmọ́lẹ̀ yẹn ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi owó rẹ̀ lé lórí. Ohun tí ẹ fi ń bò ó mọ́lẹ̀ náà lágbára lórí gbogbo ohun tó wà nínú fóònù, ta ló sì kọ ọ́?

Kúnlé Ṣángo

Èmi fẹ́ ra tókunbọ̀ lóṣù yìí, ni mo ṣe ń ka gbogbo èyí. Wọ́n ní iPhone kì í ní irú wàhálà yìí. iPhone 7 ni mo rí tí owó mi ká.

Akin Agodi

Apple fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ṣíìpù àti iOS, nítorí náà àtúnṣe rẹ̀ kì í gba ọwọ́ púpọ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó parí, kì í ṣe pé kì í parí. iPhone 7 dúró sí iOS 15. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Apple ṣì fi 15.8.4 ránṣẹ́ láti dí ihò, ìyẹn dára. Àmọ́ ihò tó bá le jù ni wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ padà sórí iOS àtijọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kéékèèké kì í dé. Èmi kò ní fi owó ra á lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ sọ́jà ni pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé irú fóònù náà jáde ni wọ́n fi ń ka ọdún ìtọ́jú rẹ̀. Kò kàn wọ́n bóyá àná ni ìwọ rà á, tàbí pé ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8, oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ló jáde, a lè kà á dé 2030. Samsung ṣèlérí ọdún 7 fún Galaxy S24, ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Bá wọn wo ọjọ́ àtúnṣe lójú fóònù kí o tó sanwó. Bí ó bá ti ju ọdún kan lọ, tí ó sì ní kò sí tuntun lẹ́yìn tí o bá ti wá a, má rà á fún báǹkì.

Ọmọ Yunifásítì

Mo ti wo tèmi, ọjọ́ kejì yẹn, ti security update, ti ọdún 2022 ni. N kò wo ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú àwa tí a jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó lówó Pixel 8. Kí ni ká ṣe?

Àṣàkẹ́ Òkè-Àdó

Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn. Owó S24 kò sí ńlẹ̀ báyìí. Mo lè rí fóònù kékeré kan tó ṣì ń gba àtúnṣe, kámẹ́rà rẹ̀ kò sì ní tó ti S8.

Akin Agodi

Àǹtí, ẹ rà á, ẹ gbé báǹkì àti WhatsApp ìtajà síbẹ̀, kí S8 máa ya fọ́tò àdìrẹ. Ẹ yọ áàpù báǹkì kúrò lórí S8, ẹ sì yọ í-méèlì tí báǹkì fi ń kọ̀wé sí yín pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ní í-méèlì yẹn lè béèrè páswọ́ọ̀dù tuntun. Kí Bluetooth rẹ̀ wà ní pípa. Ẹ má fi ṣí ìkànnì báǹkì, Chrome 138 ni ìkẹyìn tó wọ Android 9, Chrome 139 ń béèrè Android 10. Ẹ má sì gba WhatsApp aláwọ̀ mìíràn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù, ojú ìwé tó bá sì ní òun fẹ́ bá yín ṣe àpúdéètì fóònù, ẹ tì í pa. Inú Settings nìkan ni àpúdéètì fóònù ti ń wá.

Àbúrò, títí o fi rí owó, máa lo nọ́ńbà báǹkì tí kò nílò ayélujára, kí o sì ní kí wọ́n dín iye tó lè jáde lóòjọ́ kù. Kò dí ihò, ó ń dín ohun tí olè lè kó kù ni.

Alhaji POS, Ìwó Road

Ẹni tó tà á ní òun ní ẹ̀yà tó ń lo wáyà, ṣùgbọ́n áàpù POS mi kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹnikẹ́ni ti so irú rẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ọmọ mi ti bá mi kó fídíò kúrò. Ó ń wọlé báyìí, ó ti dé ìdajì.